Nóòtù kíláàsì mi fọ́n káàkiri: báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di ìlapa èrò tó létò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni mí, ọdún kejì ni mo sì wà ní yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, kì í sì í kọ nǹkan kan sójú pátákó, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe máa ń já a sílẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ni mo fẹ́ tò báyìí. Mo fẹ́ kí ó ní orí-ọ̀rọ̀, kí kókó wà lábẹ́ orí-ọ̀rọ̀, kí àlàyé wà lábẹ́ kókó, kí gbogbo ìlà tó wà ní ipò kan náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, gbogbo rẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó tó orí-ọ̀rọ̀ ṣe, n kò mọ èyí tí ó yẹ kó wà lábẹ́ èkejì. Bí ó ṣe wà nínú ìwé mi nìyí:

```
Kírìjì - ìró àgbá
1877, ọ̀nà Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tì
ajẹ́lẹ̀!! ìnilára
Fábùnmi, Òkè-Ìmẹ̀sí 1878
Jálumi, Ìkìrun, 1/11/1878
ìbọn láti Èkó
Ògèdèǹgbé
(Òṣogbo 1840)
Látòósà kú 1885
Johnson + Phillips
23/9/1886
Mọdákẹ́kẹ́??
Carter 1893
```

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkè

Èyí kò le rárá. Ọdún ni kí o tẹ̀ lé. Ìtàn ni o ń kọ́, ìtàn kò sì ju ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e lọ. Fi 1840 sókè, kí 1877 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 1878, 1885, 1886 àti 1893. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí o fi ṣe orí-ọ̀rọ̀, kí o wá kó ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún náà sí abẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ilé ẹ̀kọ́ girama nìyẹn.

Olùkọ́ Àgbà

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn, o ṣeun tí o gbé ìwé rẹ jáde bí ó ṣe rí gan-an. Ọmọ Òkè sọ òtítọ́ kan tí a óò padà lò, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọdún ṣe orí-ọ̀rọ̀ níbí, ìlà mẹ́fà ni kò ní rí ibi wọ̀, torí pé wọn kò ní ọdún kankan lára: Kírìjì, ajẹ́lẹ̀, ìbọn láti Èkó, Ògèdèǹgbé, Johnson àti Phillips, àti Mọdákẹ́kẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ajẹ́lẹ̀, ní èrò tèmi, ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí pé òun nìkan ni o fi àmì ìyanu méjì sí. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ yín ti gbé ohùn sókè nígbà tó dé ibẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe ni pé kí o fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 1 dé 13, bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́, láì tíì yí ipò ọ̀kankan padà. Nọ́ńbà yìí ni o óò fi mọ̀ ní ìparí pé kò sí ìlà kankan tó sọnù. Má tíì ronú nípa orí-ọ̀rọ̀ rárá. Lẹ́yìn náà, mú pẹ́ńsùlù, kí o sì kọ ìbéèrè tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà kẹta, ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, àti ìnilára wọn, kí ni ó ń dáhùn? Ó ń dáhùn pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi dìde ogun. Ìlà kejì àti ìkẹrin náà ń dáhùn ìbéèrè kan náà. Ìlà kẹjọ, Òṣogbo 1840, tí o fi sínú àkámọ́, òun náà wà níbẹ̀, nítorí pé ibi tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ni agbára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn. Mo gbà pé ńṣe ni olùkọ́ yín rántí rẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀, tó sì padà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí àkámọ́ rẹ ń sọ nìyẹn. Ìlà karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹsàn-án ń sọ bí wọ́n ṣe ja ogun náà. Ìkẹwàá dé ìkẹtàlá ń sọ bí ó ṣe parí.

O rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ti jáde: kí ló fà á, báwo ni wọ́n ṣe jà á, báwo ló ṣe parí. Àwọn ni orí-ọ̀rọ̀ rẹ. Kíyè sí i pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà nínú ohun tí o já sílẹ̀. Bí nóòtù kíláàsì ṣe máa ń rí nìyí: ohun tó ṣe pàtó ni ọwọ́ máa ń yára kọ, bí orúkọ, ọdún àti ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá tó so wọ́n pọ̀, etí ló máa ń gbọ́ ọ, kì í dé orí ìwé. Ìwọ fúnra rẹ ló máa kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlà rẹ fi dà bíi pé wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ọmọ ni gbogbo wọn, àwọn òbí ni kò sí nílé.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣòro yìí náà ló ń bá a fínra. Àbí ẹ ò rò pé kí wọ́n kàn máa gba ohùn olùkọ́ sórí fóònù? Tí ó bá délé, yóò tún un gbọ́, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Bí tirẹ̀ ṣe le sí i ni pé àwọn ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ jẹ́ ìgbésẹ̀, bíi bí a ṣe ń nu ojú ọgbẹ́. Ó pín in sí ìdí, ọ̀nà àti ìparí bí ẹ ṣe wí yìí, ó sì wá ń ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin ṣáájú ìkejì.

Olùkọ́ Àgbà

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Gbígba ohùn sílẹ̀ dára bí olùkọ́ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ gbogbo rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ni yóò ní lọ́wọ́, ètò kò ní sí níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tí ohùn náà dára fún ni kí ó fi wá ibi tí olùkọ́ ti sọ pé, “Nǹkan mẹ́ta ló ń fà á,” tàbí “Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan.” Àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń sọ iye kókó tó yẹ kó wà lábẹ́ orí-ọ̀rọ̀ kan.

Ní ti ìgbésẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó má tú ìgbésẹ̀ ká. Kí ó fi gbogbo ìgbésẹ̀ sí ipò kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà 1, 2, 3, lọ́nà tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé ara wọn, kí ìdí tí a fi ń ṣe ìgbésẹ̀ kan sì wọ abẹ́ ìgbésẹ̀ náà gan-an. Ìdí kò gbọdọ̀ ní orí-ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo ti kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, mo sì ti to apá àkọ́kọ́. Lẹ́tà Yorùbá ni mo lò fún ipò kejì, ìdí nìyẹn tí D fi tẹ̀ lé B. Ẹ bá mi wò ó:

```
I. Ohun tó fa ogun
    A. Agbára Ìbàdàn gbilẹ̀
        1. Ó ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, 1840
        2. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà
    B. Àwọn ìlú náà kọ ìṣàkóso Ìbàdàn
        1. Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀
        2. Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, 1878
    D. Ọ̀nà etíkun tì mọ́ Ìbàdàn
        1. Ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, 1877
```

Olùkọ́ Àgbà

Ó dára gan-an. Wo bí ìlà ajẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo ṣe pín sí méjì, A.2 àti B.1, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀: pé wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, àti pé ajẹ́lẹ̀ ni àwọn ènìyàn lára. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà tí o fi lè yẹ iṣẹ́ rẹ wò nìyí. Ka òbí, kí o fi “ìyẹn ni pé”, “nítorí pé” tàbí “fún àpẹẹrẹ” sí àárín, kí o sì ka ọmọ. “Àwọn ìlú náà kọ ìṣàkóso Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí.” Ó wọlé dáadáa. Bí o bá ti fi Jálumi sí abẹ́ B, wàá ní, “Àwọn ìlú náà kọ ìṣàkóso Ìbàdàn; fún àpẹẹrẹ, ogun Jálumi.” Etí rẹ yóò sọ fún ọ pé ogun tí ó tẹ̀ lé kíkọ̀ ni, kì í ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka àwọn ọmọ òbí kan tẹ̀ léra wọn, láti mọ̀ bóyá ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn. Bí ọ̀kan bá ń sọ ìdí tí èkejì sì ń sọ àbájáde, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ibi tí Ọmọ Òkè ti sọ òótọ́ nìyí: láàárín àwọn ọmọ òbí kan, bí wọ́n bá ní ọdún lára, jẹ́ kí ọdún tò wọ́n. Ọdún dára fún títo ọmọ, kò dára fún pípín ìdílé.

Ọmọ Òkè

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀. D ti ọmọ yìí ní 1877, B sì ní 1878. Ìwé tí mo kà sọ pé 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí 1877 fi wà nísàlẹ̀? Ó sì tún jẹ́ pé D ní 1 ṣùgbọ́n kò ní 2. Wọ́n kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ọmọ kan ṣoṣo nínú ìlapa èrò.

Olùkọ́ Àgbà

Ìbéèrè méjèèjì bọ́ sí i. Ní ti ọdún, àwọn tó ń sọ 1877 ń ka ìjà Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, pẹ̀lú Ẹ̀gbá, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú fi ti ọ̀nà tí ọjà àti ohun ìjà ń gbà dé Ìbàdàn. Àwọn tó ń sọ 1878 ń ka ìdìde Fábùnmi àti bí àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà ṣe para pọ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú nóòtù, wọn kò sì tako ara wọn, torí pé ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn yàtọ̀. Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn bá fẹ́ gbé D lọ síwájú B, n kò ní bá a jà; ṣùgbọ́n kí gbogbo D lọ lápapọ̀, kí ó má ṣe ya 1877 kúrò lára ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì.

Ní ti ọmọ kan ṣoṣo, n kò gbà pé òfin ni. Àmì ni. Ó ń sọ ọ̀kan nínú ohun méjì fún ọ. Ó lè jẹ́ pé òbí àti ọmọ ń sọ ohun kan náà, tí o kàn gé gbólóhùn kan sí méjì, nígbà náà, da wọ́n pọ̀: “Ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, 1877.” Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ kejì wà tí ọwọ́ rẹ kò bá nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Níbí, èkejì ni mo rò. Ó ṣòro kí olùkọ́ ìtàn sọ pé ọ̀nà tì, kí ó má sì sọ ohun tí ìyẹn ṣe sí Ìbàdàn. Fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀ sí nọ́ńbà 2, kí o bi ẹni tó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì.

Atẹ̀wé

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Iṣẹ́ àṣeparí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tó sì máa ń gba àkókò mi jù ni àyè iwájú ìlà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ọ̀pá àyè sún ìlà wọlé. Ó máa ń dọ́gba lójú lákòókò tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí irú lẹ́tà bá yí padà, tàbí kí nọ́ńbà kúrò ní 9 bọ́ sí 10, ọ̀rọ̀ á sún. Èyí tó burú jù ni pé bí kókó kan bá gùn tí ó sì bọ́ sí ìlà kejì, ìlà kejì náà á padà sí etí ìwé pátápátá, tí yóò fi dà bíi pé orí-ọ̀rọ̀ tuntun ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí faili yín ṣe rí, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+8` nínú Word. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì tó-tò-tó kéékèèké tó tò síwájú ìlà, ọ̀pá àyè ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kí ẹ wá yan `Multilevel List`, kí ẹ máa fi `Tab` sọ ìlà kalẹ̀ sí ipò tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì máa fi `Shift+Tab` gbé e padà sókè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò fún ipò kọ̀ọ̀kan ní àyè kan náà, ìlà kejì kókó gígùn yóò sì dúró sábẹ́ ọ̀rọ̀, kò ní lọ sábẹ́ nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n o, Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn, ẹ̀rọ yóò fi C sí ibi tí o fi D sí. Bí o bá fẹ́ lo lẹ́tà Yorùbá, àfọwọ́kọ ni yóò jẹ́, nọ́ńbà kò sì ní tún ara rẹ̀ tò bí o bá gbé ẹ̀ka kan kúrò. Èmi a máa gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn láti lo 1, 1.1, 1.1.1.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni ọmọ tèmi ń lò, kò ní kọ̀ǹpútà.

Atẹ̀wé

Kò burú, Ìyá Tọ́lá. Kí ó mú rúlà, kí ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà òró fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ mẹ́ta sójú ewé, kí sẹ̀ǹtímítà kan wà láàárín ìkíní àti ìkejì, kí kan tún wà láàárín ìkejì àti ìkẹta. Orí-ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà òró kìíní, kókó lórí ìkejì, àlàyé lórí ìkẹta. Bí àlàyé bá gùn, kí ìlà kejì rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà òró kan náà. Kí ó sì fi ìlà méjì sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìwé kò ṣeé sún bíi ti ẹ̀rọ.

Olùkọ́ Àgbà

N kò bá Atẹ̀wé jiyàn lórí àyè, ṣùgbọ́n 1.1.1 kò tẹ́ mi lọ́rùn fún nóòtù tí a fẹ́ há sórí. Bí mo bá ń rántí níbi ìdánwò, “I, B, 2” dúró lọ́kàn mi ju “1.2.2” lọ. Kí olúkúlùkù yan èyí tó bá a mu, kí ó má ṣáà lo méjèèjì nínú ìlapa èrò kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, sà, ó sì wà nínú ìwé tirẹ̀: olùkọ́ sọ pé ọ̀nà tó tì mú kí ohun ìjà ṣòro rí fún Ìbàdàn, nígbà tí àwọn Èkìtìparapọ̀ ń rí ìbọn gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn tó wà ní Èkó. Ní báyìí, ìbọn láti Èkó ti fẹ́ wọ ibi méjì: D.2 lábẹ́ ohun tó fa ogun, àti apá kejì lábẹ́ bí wọ́n ṣe jà á. Ṣé kí n kọ ọ́ síbi méjèèjì?

Olùkọ́ Àgbà

Rárá. Kọ ọ́ ní kíkún sí ibi kan ṣoṣo, kí o sì kọ “wo II.B” sí ibi kejì. Bí o bá kọ ọ́ sí méjèèjì, bí o bá ṣàtúnṣe sí ọ̀kan, èkejì á wà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Níbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìbàdàn ni yóò wà ní D.2, pé ohun ìjà ṣòro rí. Ìbọn àwọn Èkìtìparapọ̀ yóò lọ sí apá kejì pẹ̀lú Ògèdèǹgbé tó jẹ́ olórí ogun wọn, nítorí pé agbára wọn lójú ogun ni àwọn méjèèjì ń fi hàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Apá kejì àti ìkẹta rèé, sà. Kírìjì gẹ́gẹ́ bí ìró àgbá, mo fi sí abẹ́ àkọlé gbogbo ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àkíyèsí, torí kò dáhùn ọ̀kankan nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

```
II. Bí wọ́n ṣe ja ogun náà
    A. Ìbàdàn borí ní ìbẹ̀rẹ̀
        1. Jálumi, nítòsí Ìkìrun, 1/11/1878
    B. Èkìtìparapọ̀ lágbára sí i
        1. Ògèdèǹgbé di olórí ogun
        2. Ìbọn láti Èkó
    D. Látòósà kú sí ibùdó ogun, 1885
III. Bí ogun ṣe parí
    A. Àdéhùn àlàáfíà
        1. Johnson àti Phillips ṣe alárinà
        2. Wọ́n fọwọ́ sí i, 23/9/1886
        3. Àwọn Mọdákẹ́kẹ́ yóò kó kúrò níbi tí wọ́n wà
    B. Carter, gómìnà Èkó, mú kí wọ́n tú ibùdó ogun ká, 1893
```

Olùkọ́ Àgbà

Ka nọ́ńbà rẹ padà: mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ló pé. Ohun méjì péré ni mo rí. II.D kò dọ́gba pẹ̀lú A àti B: ìpele ogun ni àwọn yẹn jẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni ikú Látòósà. Wá orúkọ fún ìpele náà, bíi “Ogun kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn”, kí ikú Ààrẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun kejì ni Mọdákẹ́kẹ́. O fi àmì ìbéèrè méjì sí i nínú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n wọn ti pòórá nínú ìlapa èrò. Má pa iyèméjì rẹ rẹ́. Àdéhùn sọ pé kí wọ́n kó kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò kó kúrò nígbà náà. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni àmì ìbéèrè rẹ ti wá. Ó lè nílò kókó tuntun lábẹ́ III, láàárín A àti B, fún ohun tí àdéhùn kò lè yanjú láàárín 1886 àti 1893.

Ọmọ Ìkìrun

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi kò fara mọ́ Jálumi níbi tó wà yẹn. Nílé wa, ogun ọ̀tọ̀ ni Jálumi, Ìlọrin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí-ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Olùkọ́ Àgbà

Òtítọ́ ni pé Ìlọrin wà níbẹ̀, àwọn kan sì ń ka Jálumi sí ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ yìí ni a ń tò. Bí ó bá sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ara Kírìjì, ibi tó wà yìí ló tọ́ nínú nóòtù yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

N kò rántí bí ó ṣe sọ ọ́, sà. Ohun tó wà nínú ìwé mi kò ju ìlú àti ọjọ́ lọ. Mo ti fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ II.A.1 báyìí, mo sì ti dá ti Mọdákẹ́kẹ́ padà. Bí a bá pàdé ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, màá bi í ní méjèèjì, màá sì mú ìdáhùn rẹ̀ wá síbí kí Ọmọ Ìkìrun lè rí i.